Ọkọ̀ tó dúró sílé náà ń jẹun: ìṣirò ọdún kan ní Òṣogbo

Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rin àdúgbò Òkè-Baálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí ọkọ̀ mélòó kan tí wọ́n fi tapólì bò nínú ọgbà. Àwọn tó ni wọ́n kò rìnrìn àjò. Wọ́n wà létí títì, báàgì ọ́fíìsì lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de kọ̀rọ́pẹ́ tí yóò gbé wọn dé Ọláìyá.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra wọn pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan nígbà náà kọjá 600 kí oṣù Keje ọdún yẹn tó parí, nígbà tó sì di ọdún 2024 ó lé ní 1,000. Láti ìgbà náà, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá ara wọn lóhùn pé: mo máa gbé ọkọ̀ sílé ná, kí owó lè dúró lápò.

Bọ̀dá kan ládùúgbò wa wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, Abéré ni ọ́fíìsì wọn wà, Corolla ọdún 2005 sì ni wọ́n ń gùn. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ní, "Àbúrò, o mọ ìṣirò. Bá mi wò ó, ṣé kí n máa gun ọkọ̀ yìí ni, àbí kí n tà á, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?" Wọ́n ti ṣe ìṣirò tiwọn sínú ìwé, owó epo nìkan ló sì wà níbẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tá a rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí, torí pé ó yàtọ̀ sí ohun tí àwa méjèèjì rò kí á tó bẹ̀rẹ̀. Owó wọn ni gbogbo owó tí mo máa dá, bí ọjà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tiyín sí i. Ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yí padà.

Epo la fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ojú máìlì nígbà tí wọ́n kúrò nílé àti nígbà tí wọ́n dé Abéré: kìlómítà 11. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 22. Tí a bá yọ ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, ọlidé àti ìsinmi ọdọọdún kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ ku nǹkan bíi 240 lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 5,280. A fi ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ìrìn kéékèèké kún un, ó di 7,500. Ọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú éésì títàn àti dídúró ní Ọláìyá, kìlómítà 10 ló ń rìn lórí lítà kan. Ẹ má gbára lé ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sínú ìwé. Ẹ kún táǹkì dẹ́nu, kí ẹ kọ máìlì sílẹ̀, ẹ rìn ín fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún kún un dẹ́nu. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Lítà 750 lọ́dún, ní 900 náírà lítà kan, jẹ́ 675,000 náírà.

Ibi tí ìwé Bọ̀dá parí sí nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni ìwé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń parí sí, torí pé owó epo la ń rí bó ṣe ń jáde. Ẹ dúró sílé epo, nọ́ńbà ń sáré lójú ẹ̀rọ, ọkàn yín ń já. Ṣùgbọ́n owó mẹkáníìkì kì í sáré lójú ẹ̀rọ kankan. Ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè pé èló ni wọ́n ná sórí àtúnṣe lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní, "Kò lè ju 100,000 lọ." Mo ní kí wọ́n ṣí áàpù báńkì wọn, kí wọ́n kọ orúkọ mẹkáníìkì wọn síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Tiransífà kọ̀ọ̀kan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, bíréèkì páàdì, gáàsì éésì, rádíétọ̀ tó ń jò. A wá orúkọ ẹni tó ń ta pátì náà. Lápapọ̀, 285,000. Bọ̀dá wo fóònù náà títí, wọn kò sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ owó àtúnṣe yín gan-an, ẹ má bi ọpọlọ yín, ẹ bi báńkì.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún gba 120,000. Bátìrì tuntun jẹ́ 80,000, ó sì máa ń lo ọdún méjì lọ́wọ́ wọn, nítorí náà 40,000 la kọ fún ọdún kan. Ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì jẹ́ 40,000. Ìnṣọ́ránsì tọ́ọ̀dù páátì nìkan ti fò láti 5,000 sí 15,000 lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ọlọ́pàá sì ń béèrè rẹ̀ lójú títì láti oṣù Kejì ọdún 2025. Fífọ ọkọ̀, 1,000 lọ́sẹ̀, jẹ́ 52,000.

Táyà gba àlàyé díẹ̀. Ẹni tó ń rin 7,500 kìlómítà lọ́dún kò ní rin táyà tuntun gbó. Ọjọ́ orí ni yóò pa á. Róbà máa ń gan nínú oòrùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tí ojú rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ ṣì jọ tuntun. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan sì máa wà ní ìparí ọ̀wọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ 2321, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Nígbà míì ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Táyà mẹ́rin ní 75,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300,000. A pín in sí ọdún mẹ́rin, ó jẹ́ 75,000 lọ́dún, bí ọkọ̀ rìn, bí kò rìn.

Gbogbo èyí pẹ̀lú epo di 1,287,000. Mo sọ fún Bọ̀dá pé ó ṣì ku ohun tó tóbi. Wọ́n ní kí ló tún kù?

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló kù. Ó ń gbó, gbígbó rẹ̀ sì jẹ́ owó. Ibí la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bọ̀dá ní, "Ọkọ̀ tèmi kò dínwó rárá o. 1.6 mílíọ̀nù ni mo rà á lọ́dún 2018. Ẹnì kan ti fi 3.5 mílíọ̀nù lọ̀ mí. Èrè ni mo jẹ!" Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dé ibikíbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ nílùú yìí, ẹ ó gbọ́ ọ, ọkàn ẹni tó ń sọ ọ́ sì mọ́, torí pé nọ́ńbà náà kò parọ́. Náírà ló yí padà. Lọ́dún 2018, nǹkan bíi 360 náírà la fi ń ra dọ́là kan. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ó lọ títí ó fi tó 1,500. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì rèé, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á níbi tó ti ń bọ̀. Ẹ fi 360 pín 1.6 mílíọ̀nù, ẹ ó rí i pé owó ọkọ̀ náà lé ní dọ́là 4,000 nígbà tí wọ́n rà á. Ẹ fi 1,500 pín 3.5 mílíọ̀nù, kò tó 2,500. Ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Bí Bọ̀dá bá tà á lónìí, 3.5 mílíọ̀nù yẹn kò lè ra irú ọkọ̀ tí wọ́n rà lọ́dún 2018, ìyẹn ọkọ̀ ọdún mẹ́tàlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kòtònú wọlé.

Báwo la ṣe máa mọ iye tó ń gbó lọ́dún kan, láìjẹ́ kí náírà da ìṣirò rú? Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn, kò sì le. Ẹ má fi owó àná wé owó òní. Ọjọ́ kan náà, ọjà kan náà, ẹ béèrè owó ọkọ̀ méjì tó jọra tí ọdún wọn yàtọ̀. Corolla ọdún 2005 àti ti 2008 jọ ara wọn, ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà ló wà nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tá a ń sọ yìí, wọ́n dá 4.4 mílíọ̀nù lé ti 2008 tó ṣeé gbára lé, ti 2005 sì jẹ́ 3.5. Ìyàtọ̀ 900,000 lórí ọdún mẹ́ta ni 300,000 lọ́dún. Iye tí ọkọ̀ náà ń sọ nù nìyẹn bí oòrùn ṣe ń là tó sì ń wọ̀, ì báà wà lábẹ́ tapólì.

A tún fi 105,000 kún un fún owó tó há sínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá ta ọkọ̀ náà, tí 3.5 mílíọ̀nù wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí nínú okòwò, yóò mú nǹkan wá. A kò ka gbogbo èlé, torí pé ọ̀wọ́n ọjà máa ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdá 3 nínú 100 tó lè ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀wọ́n ọjà la mú. Ẹni tó bá ṣì ń san gbèsè orí ọkọ̀ kò nílò ìṣirò yìí. Èlé tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ ni kó kọ síbẹ̀.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,692,000 náírà lọ́dún, ìyẹn 141,000 lóṣù. Ẹ rántí pé 675,000 ló wà nínú ìwé Bọ̀dá. Ìdá méjì nínú márùn-ún péré lepo jẹ́.

Ó wá kan kọ̀rọ́pẹ́ àti ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè. Láti Òkè-Baálẹ̀ dé Ọláìyá, Bọ̀dá ń san 300. Wọ́n ń wọ òmíràn láti ibẹ̀ dé Abéré ní 400. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 1,400, lórí ọjọ́ 240 ó jẹ́ 336,000. Ọjọ́ Àìkú ni nǹkan ti ń yí padà, nítorí orí ni kọ̀rọ́pẹ́ ń kà. Ènìyàn mẹ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní 300, wọ́n padà ní 300, ó ti di 2,400, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìyàwó ilé tó wọ bàtà gíga. Ọkọ̀ orí fóònù gba 2,200 ní àlọ, 2,200 ní àbọ̀, ẹnu ọ̀nà ló sì ń já wọn sí. A mú ìyẹn. Fún ọjà, ìyàwó wọn ń wọ kọ̀rọ́pẹ́ lọ sí Ọjà Ọba ní 300, ó ń pe ọkọ̀ padà pẹ̀lú ẹrù ní 2,300. Lápapọ̀, 7,000 lọ́sẹ̀, ìyẹn 364,000 lọ́dún.

A kò gbàgbé òjò. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kò ní sí kọ̀rọ́pẹ́ tó máa dúró. A ya ogójì ìrìn sọ́tọ̀ tí Bọ̀dá yóò fi fóònù pe ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí padà, ní 4,000 dípò 700. Àfikún rẹ̀ jẹ́ 132,000. A tún ya ìrìn 24 sọ́tọ̀ fún òru, àìsàn àti àlejò, ní 2,500, ó jẹ́ 60,000. Ọdún kan láìní ọkọ̀ wá di 892,000.

Ẹ wò ó dáadáa. 892,000 ju owó epo lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì owó ọkọ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ka epo nìkan fi máa búra pé ọkọ̀ òun ló wọ́n kéré jù, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì ní tó í ná, tí kò ní mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé kí a ta ọkọ̀ kí a máa pe ọkọ̀ lórí fóònù tàárọ̀-tàlẹ́. A ṣe ìyẹn náà. Ìrìn ibi iṣẹ́ 480 ní 4,000 nìkan jẹ́ 1,920,000, ó ti ju gbogbo owó Corolla lọ. Tí a bá fi ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àlọ àti àbọ̀, àti ìrìn òru kún un, ó jẹ́ 2,448,000. Kò sì yani lẹ́nu, torí pé awakọ̀ náà ń san epo, táyà, mẹkáníìkì àti gbígbó ọkọ̀, ó ń san ìpín àwọn tó ni áàpù, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun. Owó tó ń hàn lójú fóònù pàápàá, ìfojúbù ni. Tí òjò bá ṣú, ó máa ń ga. Awakọ̀ lè pè yín kó ní, "Níbo lẹ ń lọ? Káàṣì ni àbí tiransífà?" tó bá sì gbọ́ Abéré, á ní kí ẹ fagi lé e kí ẹ fún òun ní 5,000 lọ́wọ́. Ẹ má gbà. Bí ẹ bá fagi lé e, kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹ wọ ọkọ̀ yẹn rárá, bí ẹrù yín bá sì kù sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí ẹ máa pè.

Mo wá padà sórí tapólì, torí òun ló mú mi kọ èyí. Nínú 1,692,000 náà, a ya owó sí ọ̀nà méjì: owó ìrìn, tó ń dúró bí ọkọ̀ bá dúró, àti owó ìdúró, tí kì í dúró. Ìwé ọkọ̀, bátìrì, ọjọ́ orí táyà, gbígbó àti owó tó há jẹ́ 560,000. Ẹni tó gbé ọkọ̀ sílé tó ń wọ kọ̀rọ́pẹ́ ń san 560,000 yìí pẹ̀lú 892,000. Ó di 1,452,000. Gbogbo ìyà etí títì, gbogbo òjò, 240,000 péré ló fi ń jèrè lọ́dún, ìyẹn 20,000 lóṣù. Tí a bá fi èrè kékeré yìí wé ìyà tó wà níbẹ̀, nínú ọ̀nà mẹ́ta tí Bọ̀dá bi mí, fífi í sílẹ̀ bó ṣe wà ni mo rí pé kò dáa jù.

Mi ò tíì ka ohun tí ìdúró ń fi ọkọ̀ ṣe. Bátìrì á kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti àláàmù kò yé fà á. Epo inú táǹkì á bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ta kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹ bá tan án. Díìsìkì bíréèkì á dípẹtà. Eku ni mo rí tó burú jù, wọ́n máa ń jẹ wáyà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn rìwáyà sì máa ń fi ọjọ́ méjì wá ibi tó já. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku tàbí èèpo ẹ̀pà lórí bátìrì, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀dá fẹ́ tà á. Ìyàwó wọn ló béèrè ìbéèrè tí èmi kò béèrè: "Àwọn méjì tí ẹ jọ ń dúró ní títì ńkọ́?" Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn méjì ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, Abéré ni àwọn náà ń lọ, 700 ni àwọn náà ń san. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dá 600 fún àlọ àti 600 fún àbọ̀, àwọn méjèèjì yóò dá 576,000 lọ́dún. Owó ọkọ̀ tó kù lọ́rùn Bọ̀dá yóò wá jẹ́ 1,116,000, ó fi 224,000 ju ọ̀nà kọ̀rọ́pẹ́ lọ. Mo kìlọ̀ ohun kan fún wọn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nìkan ni kí wọ́n gbé, kó sì jẹ́ ìpín owó ìrìn, torí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ara ẹni kò bo ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe kábú-kábú. Tí wọ́n bá ń já èrò gbé ní Ọláìyá, ẹgbẹ́ onímọ́tò á dá wọn dúró, bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó.

Bọ̀dá fi 12 pín 224,000 náà. Kò tó 19,000 lóṣù. Wọ́n ní ìyá àwọn wà ní Ìkìrun, àárẹ̀ ń mú wọn lóru, àwọn lè san 19,000 kí ọkọ̀ wà nílé. Owó ara wọn ni, wọ́n sì ti mọ iye rẹ̀ báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ká tapólì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo nọ́ńbà rẹ̀. 1417 ló wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ.